Eegun kékeré tó gan nínú etí: ṣé kí n ṣe iṣẹ́ abẹ àbí kí n lo ẹ̀rọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o dókítà. Ọmọ ọdún 38 ni mí, Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Ó ti tó ọdún 4 tí etí òsì mi ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún náà sì ti fẹ́ máa tẹ̀ lé e, ó tún máa ń hó ṣììì lóru. Dókítà etí ní eegun kan ló ń gan nínú ẹ̀, otosikilẹrósíìsì ló pè é, ó ní kí n lọ ronú, bóyá ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ni mo fẹ́ àbí iṣẹ́ abẹ. Màmá mi n'Ìbàdàn náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́ láti ìgbà tó ti wà ní bíi 40. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà mí, ojú sì ń tì mí láti gbé nǹkan sétí. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn:

Ẹ ǹlẹ́ o mà. Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi lọ, ẹ lọ wá ìwé àyẹ̀wò etí yẹn, èyí tí wọ́n ya ilà sí tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ọ́díógíráàmù ni wọ́n ń pè é, ẹ tẹ́ ẹ síwájú yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bi mí ní irú ìbéèrè yín, orúkọ àìsàn ni wọ́n há sórí, wọn ò mọ nọ́ńbà etí wọn, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn gan-an ló máa sọ bóyá ọ̀bẹ yẹ yín àbí kò yẹ yín.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìlù etí, awọ tínrín tó wà lópin ihò etí yẹn, eegun 3 ló so kọ́ra, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ni sítépíìsì. Òun ló kéré jù nínú gbogbo eegun ara èèyàn, gíga ẹ̀ ò ju bíi mìlímítà 3 lọ, hóró ìrẹsì kan gùn jù ú lọ. Ó rí bí irin tí ẹlẹ́ṣin máa ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ lára gàárì, ó ní apá méjì, ó ní àtẹ́lẹ̀ kan, àtẹ́lẹ̀ yẹn ló jókòó sójú fèrèsé kékeré kan tó wọ inú etí lọ́hùn-ún. Omi ló wà lẹ́yìn fèrèsé yẹn. Tí ohùn bá ti kan ìlù etí, ìlù á mi àwọn eegun, sítépíìsì á máa ti omi wọlé á máa fà á jáde bíi písítìn mọ́tò, omi tó ń mì yẹn ló ń jí iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ọpọlọ. Tí ẹ bá ti rì sínú odò rí tí ẹnì kan ń pè yín látòkè, ẹ mọ̀ pé ohùn kì í fẹ́ wọ omi, ó máa ń ta padà ni. Ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi ṣe ìlù etí kó fẹ̀ ju fèrèsé yẹn lọ nílọ̀ọ́po bíi 17, kí gbogbo agbára tó bá kó jọ lè já sí ojú kan ṣoṣo.

Wàyí o, eegun tó yí etí inú ká yẹn le gan-an, kò sì fi bẹ́ẹ̀ máa ń tún ara ẹ̀ mọ bí eegun ẹsẹ̀ tàbí ti apá ṣe máa ń tún ara ẹ̀ mọ. Nínú otosikilẹrósíìsì, ojú kan lára ẹ̀ á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkọ́lé tí ẹnikẹ́ni ò rán an, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé iwájú fèrèsé yẹn gan-an ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Eegun àtijọ́ á kọ́kọ́ rọ̀, á kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà eegun tuntun á hù síbẹ̀, á le, á máa rá wọ etí fèrèsé títí á fi há àtẹ́lẹ̀ sítépíìsì mọ́lẹ̀. Ẹ rántí ilẹ̀kùn onígi tó wú nígbà òjò, tí èèyàn ń tì í tí kò lọ. Bó ṣe ń há sí i ni etí ń lọ sí i, kì í yára, ọdún ló ń gbà, ìyẹn ni kì í jẹ́ kéèyàn tètè fura.

Àmì ẹ̀ máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ẹni tó ní in lè máa gbọ́ràn dáadáa níbi ariwo ju inú yàrá tó dákẹ́ lọ, torí níbi òde àríyá gbogbo èèyàn ń pariwo sọ̀rọ̀, ariwo tó wà nílẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ wọlé sí tiẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, torí ohùn ara ẹ̀ ń dún ròkè lágbárí ẹ̀, ni wọ́n á bá máa ní kó sọ̀rọ̀ sókè, ọ̀pọ̀ ló sì ti gba orúkọ ẹlẹ́kọ̀ọ́ látàrí ẹ̀. Tó bá ń jẹ ẹ̀pà tàbí gúgúrú, kò ní gbọ́ nǹkan kan tí wọ́n bá ń sọ nídìí tábìlì. Ariwo ṣììì tí ẹ ní ẹ ń gbọ́ lóru yẹn náà wà lára ẹ̀.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun o. Àìsàn yìí pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, kò pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú rárá. Ní 1944 ní Bọ́tímọ̀, Stacy Guild yẹ eegun etí àwọn òkú wò, láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun ó rí i lára bíi ẹnì 1 nínú 8, láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú bíi ẹnì 1 nínú 100 ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lè má mọ̀ títí wọ́n fi kú pé àwọn ní in, torí eegun yẹn ò tíì kan sítépíìsì. Èyí ò sọ pé ẹ̀yin ò lè ní in, pàápàá tó jẹ́ pé màmá yín náà ń ṣe é, tó sì jẹ́ pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ní in, bíi 2 sí ọkùnrin 1, tó tún jẹ́ pé ọjọ́ orí yín gan-an ló máa ń jáde. Àmọ́ oríṣi nǹkan míì wà tó ń fara jọ ọ́. Etí tó ti ń ṣọyún láti kékeré lè fi àpá funfun líle sílẹ̀ tó há àwọn eegun mọ́ra. Eegun àárín lè ti já kúrò lára sítépíìsì. Ihò kékeré sì lè lu lókè etí inú tí ohùn á máa gbabẹ̀ jò, iṣẹ́ abẹ sítépíìsì ò sì ní ṣe irú èyí ní oore kankan.

Bí wọ́n ṣe ń yà á sọ́tọ̀ nìyí. Dókítà á wo ìlù etí, ó gbọ́dọ̀ dán kó má ní àpá. Ẹ̀rọ kan á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ìlù á sì fì bó ṣe yẹ, kò ní fì jù bíi ti ẹni tí eegun ẹ̀ já. Wọ́n á tún wá ìsúnkì iṣan kékeré kan tó máa ń fa sítépíìsì nígbà tí ohùn ńlá bá dún, nínú otosikilẹrósíìsì tó ti há, ìsúnkì yẹn kì í sí mọ́, níbi tí ihò bá ti lu lókè ó sábà máa ń wà níbẹ̀. Tí wọn ò bá tíì ṣe ìyẹn fún yín, ẹ ní kí wọ́n ṣe é, àti sí-tí síkáànù eegun etí. Fún aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ gba ọ̀bẹ, èmi ò ní fi síkáànù yẹn sílẹ̀ láé, èrò tèmi nìyẹn, àwọn kan máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ láìyà á.

Ẹ lè dán kékeré kan wò nílé báyìí. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ kùn "hmmm" jẹ́jẹ́. Etí wo ló ti dún jù? Tó bá jẹ́ pé eegun ló ń dènà, etí tó burú jù ni á ti dún jù. Ó jọ pé kò bọ́gbọ́n mu, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni, torí kíkùn yẹn gba inú eegun orí kọjá lọ sí etí inú, ariwo ìta ò sì bá a dù ú. Tó bá jẹ́ pé iṣan ìgbọ́ràn ló kú, etí tó dáa ni á ti dún jù. Ẹ rántí "hmmm" yìí o, a ṣì máa padà sórí ẹ̀.

Ó yá, ẹ wo ìwé yẹn. Fún etí kọ̀ọ̀kan ẹ ó rí ilà méjì. Èkíní ni ohun tí ẹ gbọ́ nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ bo etí yín, ìyẹn gba gbogbo ọ̀nà kọjá, ìlù, eegun, omi, iṣan. Èkejì ni ohun tí ẹ gbọ́ nígbà tí wọ́n fi nǹkan tó ń gbọ̀n sí eegun ẹ̀yìn etí, ìyẹn fo ìlù àti eegun 3 yẹn kọjá, ó bọ́ sínú omi tààrà. Ilà èkejì ni agbára etí inú yín, ilà èkíní ni ohun tó ń dé ibẹ̀ lóòótọ́. Àlàfo àárín àwọn méjèèjì ni eegun tó gan yẹn ń jẹ. Iṣẹ́ abẹ, àlàfo yẹn nìkan ló lè dí. Kò lè gbé yín ju ilà èkejì lọ, àfi díẹ̀ kan tí mo máa sọ.

Ẹ jẹ́ n fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, aránṣọ ni, ó jù yín lọ ní bíi ọdún 3. Etí òsì ẹ̀, ilà èkíní wà ní dẹ́síbẹ̀lì 55, bí nọ́ńbà yìí bá ṣe pọ̀ tó ni etí ṣe burú tó, ìyẹn ni pé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ rárá lápá ibẹ̀. Ilà èkejì wà ní 20. Àlàfo 35 nìyẹn. Etí ọ̀tún wà ní 35 lórí 15, àlàfo 20. Lórí ilà èkejì ti òsì, níbi 2000 hẹ́ẹ̀tìsì, ìyẹn níbi ohùn tó tínrín díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 30 bí ẹni tó já sí kòtò, kó tó tún gòkè padà. Kòtò yẹn ni wọ́n ń pè ní ti Carhart, àwa tó ń ka ìwé yìí máa ń wá a. Iṣan ò bàjẹ́ níbẹ̀, eegun tó ti há ni ò jẹ́ kí gbígbọ̀n orí ràn án lọ́wọ́ mọ́ lójú ibẹ̀. Tí wọ́n bá tú sítépíìsì sílẹ̀, kòtò náà máa ń dí díẹ̀, ìyẹn ni "díẹ̀ kan" tí mo wí.

Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ló kọ́kọ́ lò, oṣù 8. Ó ṣiṣẹ́ fún un dáadáa, torí etí inú ẹ̀ ṣì mọ́ kedere, ohùn sáà ni kí wọ́n gbé sókè, ọ̀rọ̀ á yé e. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú yín àti àgbàlagbà tí iṣan ẹ̀ ti gbó nìyẹn, tiwọn, ariwo á pọ̀ sí i àmọ́ ọ̀rọ̀ ò ní mọ́. NHS ń fún èèyàn ní ẹ̀rọ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, bátìrì náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ kì í dá eegun dúró o, eegun á máa gan lọ, àmọ́ kì í bà á jẹ́ síwájú náà, ẹni tó bá sì lo ẹ̀rọ fún ọdún 5 ṣì lè ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́dún kẹfà. Ẹ ò pàdánù nǹkan kan tí ẹ bá kọ́kọ́ lò ó. Obìnrin yìí, ohun tó lé e lọ sídìí ọ̀bẹ ni pé etí ẹ̀ máa ń yún ún lábẹ́ ẹ̀rọ, ó sì máa ń wé gèlè lọ́ọ̀lọ́ọ̀, ẹ̀rọ á máa hàn wííì lábẹ́ ẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ yìí ní ìtàn. Lẹ́yìn 1870 làwọn oníṣẹ́ abẹ ní Yúróòpù ti ń gbìyànjú láti tú eegun yẹn tàbí kí wọ́n yọ ọ́, àmọ́ kòkòrò máa ń wọ inú etí, àwọn kan kú, nígbà tó fi máa di 1900 àwọn ọ̀gá wọn ti kéde pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Ní 1952 ní Niú Yọ́ọ̀kì, Samuel Rosen ń mi sítépíìsì wò lọ́jọ́ kan kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ míì, ló bá tú, ni aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Àmọ́ ó máa ń padà há ni. Ọdún 1956 ni John Shea ní Mẹ́ńfíìsì yọ sítépíìsì obìnrin kan kúrò pátápátá, ó fi awọ iṣan ẹ̀jẹ̀ bo fèrèsé, ó fi ti tẹ́fílọ́ọ̀nù dípò, obìnrin náà gbọ́ràn. Ohun tí wọ́n ń ṣe lónìí, ọmọ ìyẹn ni, àmọ́ wọn kì í sábà yọ àtẹ́lẹ̀ mọ́, ihò ni wọ́n ń lu sí i.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n lè fi oorun kùn yín tàbí kí wọ́n kàn pa ojú ibẹ̀ nìkan, inú ihò etí ni gbogbo ẹ̀ ń gbà, lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ìta ò sábà ní àpá. Wọ́n á gé awọ ihò etí díẹ̀, wọ́n á ká ìlù etí síwájú bí ẹni ká ẹní, wọ́n á fá eegun díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n lè ríran. Iṣan tínrín kan gba ibẹ̀ kọjá, òun ló ń gbé adùn oúnjẹ láti ahọ́n lápá ibẹ̀, wọ́n á rọra sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fọwọ́ kan sítépíìsì, tí kò bá mì, àìsàn náà nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí tó dájú ti ń jáde. Mo ti mọ ọ̀ràn ibi tí wọ́n ti ṣí i tí wọ́n rí i pé sítépíìsì ń mì geere, eegun tó kángun sí ìlù ló há, wọ́n yí iṣẹ́ padà lójú ẹsẹ̀.

Tó bá há lóòótọ́, wọ́n á tú oríkèé tó so sítépíìsì mọ́ eegun àárín, wọ́n á gé iṣan tó ń fà á, wọ́n á fi lásà gé apá ẹ̀ méjèèjì, wọ́n á yọ ọ́ jáde, á ku àtẹ́lẹ̀ nìkan tó ti di mọ́ fèrèsé. Àárín àtẹ́lẹ̀ yẹn ni wọ́n á ti fi lásà tàbí dírílì tó kéré bí abẹ́rẹ́ lu ihò, nǹkan bíi mìlímítà 0.7. Ihò yìí ni gbogbo ewu wà, torí omi etí inú ló wà lábẹ́ ẹ̀, ohunkóhun tó bá dà á láàmú, ẹ̀jẹ̀ tó bọ́ sí i, ẹ̀rọ tó fà á jù, iṣan ìgbọ́ràn lè kú. Wọ́n á wọn gígùn láti eegun àárín dé àtẹ́lẹ̀, wọ́n á fi písítìn àtọwọ́dá tó máa rọ́pò sítépíìsì, tó gùn jù ú lọ díẹ̀, sí i kí orí ẹ̀ lè wọ inú omi bíi ìdá mẹ́rin mìlímítà kan. Tó bá kúrú jù, á yọ kúrò nínú ihò. Tó bá gùn jù, á máa gún inú etí inú, òòyì á máa kọ́ èèyàn nígbàkigbà tó bá fẹ́ imú. Ti aránṣọ wa, mìlímítà 0.6 ni fífẹ̀ ẹ̀, mìlímítà 4.5 ni gígùn ẹ̀. Ìkọ́ kékeré tó wà lórí ẹ̀ ni wọ́n á fi há a mọ́ eegun àárín, wọ́n á fi ọ̀rá díẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ dí ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n á dá ìlù padà, wọ́n á fi nǹkan rírọ̀ dí ihò etí. Kì í sábà ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ.

Obìnrin yìí ò gbọ́ nǹkan lọ́jọ́ yẹn o, etí ẹ̀ dí. Òòyì kọ́ ọ fún ọjọ́ 3, ó ń di ògiri mú lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ẹ̀ lósì ń ṣe bíi pé ó lá kọ́bọ̀, ọbẹ̀ ò dùn lẹ́nu ẹ̀, ìyẹn gba ọ̀sẹ̀ bíi 10 kó tó lọ, ti àwọn míì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ti àwọn díẹ̀ ò lọ tán. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n yọ nǹkan tó dí etí ẹ̀, ó ní omi ẹ̀rọ inú báfù dún bíi pé òjò ń rọ̀ sórí páánù. Oṣù kẹta wọ́n tún wọn ọ́n: ilà èkíní 25, ilà èkejì 17, àlàfo ku 8, kòtò 2000 yẹn náà gòkè láti 30 sí 20. Kò di etí ọmọdé, àmọ́ kò lo ẹ̀rọ mọ́ lápá òsì. Ṣììì ẹ̀ rọlẹ̀ àmọ́ kò lọ tán, wọn kì í ṣèlérí ìyẹn.

Lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣe é déédéé, nínú èèyàn 10, bíi 9 ni àlàfo wọn máa ń ku 10 tàbí kó dín sí i. Bíi ẹnì 1 nínú 100 ni etí náà á kú pátápátá, tí ẹ̀rọ pàápàá ò ní ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ẹ má ka 1 yẹn sí nǹkan kékeré, torí mo mọ ẹnì kan tó jẹ́ òun. Ọkùnrin ni, iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa, òòyì ti lọ, ó ti padà sílé. Ọjọ́ kẹsàn-án ni òòyì tún padà, ariwo inú etí bẹ̀rẹ̀ sí í ròkè bíi jẹnẹrétọ̀, ó pe ilé ìwòsàn, ẹni tó gbé fóònù ní òòyì máa ń wà lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, kó sinmi. Ó sinmi ọjọ́ 4. Nígbà tí mo rí i, mo ní kó kùn "hmmm," ó ní etí kejì, èyí tí wọn ò ṣe, ló ti ń dún. Ọkàn mi já. Etí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dí, ibẹ̀ ló yẹ kó ti dún jù, tó bá ti sá lọ sódìkejì, etí inú ló ń kú lọ. Wọ́n fún un ní sítẹ́rọ́ọ̀dù, ó ti pẹ́. Torí náà, tí ẹ bá ṣe é, láràárọ̀ fún oṣù àkọ́kọ́ ẹ máa kùn "hmmm". Lọ́jọ́ tó bá kúrò létí tí wọ́n ṣe nígbà tí nǹkan tí wọ́n fi dí i ṣì wà níbẹ̀, tàbí tí òòyì tó ti lọ bá padà, tàbí tí etí tó ti là bá tún ń lọ, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn, ẹ má jẹ́ kí fóònù tù yín nínú.

Ìdí 1 nínú 100 yẹn ló fi jẹ́ pé etí kan ni wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, èyí tó burú jù ló ń ṣáájú, ó sì gbọ́dọ̀ tó oṣù 6 sí ọdún 1 lẹ́yìn ẹ̀ kí wọ́n tó ṣe èkejì. Ẹni tó jẹ́ pé etí kan ṣoṣo ló ń gbọ́ràn, ẹ̀rọ ni tiẹ̀, èmi ò ní jẹ́ kí ọ̀bẹ kan etí yẹn. Písítìn náà lè yẹ̀ lẹ́yìn ọdún pípẹ́, tàbí kí ìkọ́ ẹ̀ jẹ eegun àárín já, etí á tún dí padà, wọ́n lè tún un ṣe àmọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í yọrí bíi ti àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ti òsì yín, tí àlàfo náà bá tó 25 tàbí 30 tí ilà èkejì sì dáa, iṣẹ́ abẹ bá yín mu, tí ẹ bá fẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ 15, ẹ dúró, ẹ gba ẹ̀rọ, kí ẹ tún wọn ọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, torí ohun tí ẹ máa jèrè ò tó ewu ẹ̀, àtẹ́lẹ̀ tí ò tíì há dáadáa sì lè yọ bọ́ọ́lọ́ sí wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń lu ihò. Èmi, tí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, màá gba ẹ̀rọ oṣù 6 ná. Ti ìtìjú, àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí kò tóbi mọ́ lẹ́yìn etí, irun tàbí gèlè á bò ó, ẹni tó bá sì ń ní "hẹ̀n? kí lẹ wí?" láàárọ̀ lálẹ́, àwọn èèyàn ti mọ̀ ná. Tí ẹ bá ti wá fẹ́ ọ̀bẹ, ẹ bi dókítà náà lójú ẹ̀ pé mélòó ló ń ṣe lọ́dún, etí mélòó ló sì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ wá ẹlòmíì.

Ti fúlọ́ráìdì tí àwọn kan ń tà kiri pé ó ń dá eegun dúró, wọ́n ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rí ẹ̀ ò lágbára, ó sì ń da inú rú. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ ara yín. Ti oyún, àwọn àgbà máa ń sọ pé oyún ń sáré bà á jẹ́, ìwádìí tó tẹ̀ lé e ò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀, ẹ má tìtorí ẹ̀ fi ọmọ bíbí sílẹ̀. Àìsàn etí yìí lè ran ìdílé, òbí kan lè fi jogún fún ìdajì ọmọ ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó jogún ẹ̀ ni etí ẹ̀ máa di.

Ti màmá, ẹ má gbà pé nǹkan kan náà ni títí wọ́n fi yẹ ẹ́ wò. Ẹ ní kí wọ́n mú wọn lọ sí ẹ̀ka etí ní UCH, kí wọ́n wọn ilà méjèèjì, torí ọjọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn kan tí wọ́n lò rí lè ti fọwọ́ kan iṣan wọn. Tí àlàfo bá wà, àwọn náà lè jàǹfààní ẹ̀rọ dáadáa, ọjọ́ orí ò sì ní kí wọ́n má ṣe iṣẹ́ abẹ. Kí ẹ sì tó fi ọjọ́ sí tiyín ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wo kàlẹ́ńdà. Lẹ́yìn iṣẹ́ yìí ẹ ò ní fẹ́ imú, tí ẹ bá fẹ́ sín ẹ ó lanu, ẹ ò ní gbé ẹrù, ọ̀pọ̀ dókítà kì í sì í fẹ́ kéèyàn wọ ọkọ̀ òfuurufú fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 torí afẹ́fẹ́ tó ń ti ìlù etí. Tí ẹ bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó fún Dìsẹ́ḿbà, ẹ kọ́kọ́ lọ kí màmá, kí ẹ ṣe é lẹ́yìn tí ẹ bá dé.